Mo ra ilé láìgba ìfọwọ́sí gómìnà: ṣé ọmọ ẹni tó tà á lè gbà á padà?

Bàbá Tòmíwá (Súrùlérè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọdún 2016 ni mo ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Súrùlérè lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ní ìwé sí-ọf-ó lórí rẹ̀. Mo san gbogbo owó, bàbá fọwọ́ sí díìdì níwájú lọ́yà, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní. A kò gba ìfọwọ́sí gómìnà, nítorí lọ́yà tó ṣe ìwé fún wa sọ pé ìgbàkígbà tí owó bá wà ni a lè ṣe é. Bàbá ti di olóògbé. Ọmọ rẹ̀ kan wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́yà, ó ní títà náà kò dúró lójú òfin nítorí gómìnà kò fọwọ́ sí i, òun yóò dá owó tí mo san nígbà náà padà, òun yóò sì ta ilé fún ẹlòmíràn. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì (Yábàá)

Bàbá Tòmíwá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìdààmú ọkàn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ tàbí ilé láìjẹ́ pé gómìnà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, èyí tí a bá sì ṣe lòdì sí òfin náà, òfo ni. Mo rí irú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ilé dógò ní báńkì. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí ẹ gba owó yín padà, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fi èlé lé e, nítorí owó ọdún 2016 kò tún lè ra ilé kankan ní Súrùlérè mọ́.

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Bàbá Tòmíwá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe kúrò nínú ilé yẹn, ẹ má sì gba kọ́bọ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ náà. Bí ẹ bá gba owó, ọwọ́ ara yín ni ẹ fi tú àdéhùn yín ká, àlàyé tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín kò sì ní wúlò fún yín mọ́.

Ìyá Ìbejì kò purọ́. Abala 22 òfin náà sọ pé ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi í dógò, kò gbọdọ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 26 sì sọ pé ohunkóhun tí a bá ṣe lórí ilẹ̀ tí kò bá òfin náà mu jẹ́ òfo. Ẹni tó bá ka abala méjèèjì yìí tó sì pa ìwé dé yóò gbà pé ọmọ bàbá náà jàre. Lọ́yà tó kọ lẹ́tà fún un mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi kọ ọ́.

Ohun tí lẹ́tà náà kò sọ wà nínú abala 22 kan náà, ní ìpín rẹ̀ kejì. Níbẹ̀ ni òfin ti gba gómìnà láyè láti béèrè pé kí ẹni tó ń tọrọ ìfọwọ́sí gbé ìwé tí wọ́n ti fi ṣe títà náà wá, kí wọ́n lè kọ ìfọwọ́sí náà sára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí díìdì kí gómìnà tó dá sí i, ìwé wo ni gómìnà yóò máa kọ ìfọwọ́sí sí lára? Ọ̀nà yìí ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà ní ọdún 1995 nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Awójùgbàgbé pẹ̀lú Chinukwe. Ilé-ẹjọ́ ní kíkọ díìdì àti fífi ọwọ́ sí i ṣáájú ìfọwọ́sí gómìnà kò lòdì sí òfin, pé àdéhùn tí kò tíì pé ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ títí ìfọwọ́sí yóò fi dé. Àdéhùn tí kò tíì pé kì í ṣe òfo.

Ní ọdún 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu pẹ̀lú báńkì kan, ilé-ẹjọ́ kan náà fi ìdí ọ̀rọ̀ mìíràn múlẹ̀ tí ó kàn yín gan-an: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ni òfin gbé ẹrù wíwá ìfọwọ́sí lé lórí, kò sì lè jókòó láìwá a, kó tún wá sọ pé nítorí tí òun kò wá a, kí àdéhùn tí òun fúnra òun ṣe, tí òun sì jẹ nínú rẹ̀, di òfo. Bàbá tó ta ilé fún yín kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ẹ̀tọ́ tí bàbá kò ní, ọmọ kò lè jogún rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Yábàá)

Ẹ ṣeun, lọ́yà wa. Ṣùgbọ́n báńkì ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹjọ́ kan wà tí ẹni tó yá owó fi borí báńkì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ṣé ẹjọ́ yẹn ti kú ni?

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Kò tíì kú, mà. Ẹjọ́ báńkì Savannah pẹ̀lú Ajilo ni, ti ọdún 1989. Ní 1980 ni wọ́n fi ilé náà dógò fún báńkì, láìsí ìfọwọ́sí gómìnà. Nígbà tí báńkì fẹ́ tà á nítorí gbèsè, onígbèsè lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ìdógò náà kò dúró, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì gbà fún un. Ọ̀pọ̀ lára wa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ẹjọ́ náà dùn, nítorí onígbèsè jẹ owó, ó sì tún gbé ilé rẹ̀ lọ. Àwọn ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ilé-ẹjọ́ ti wá ń rọra dí ojú ihò náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin (Àkọkà)

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ẹjọ́ méjèèjì tí lọ́yà dárúkọ, ó sì dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn tó yẹ kó dẹ́rù ba Bàbá Tòmíwá díẹ̀. Nínú ẹjọ́ ti 1995, ìfọwọ́sí gómìnà dé nígbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé kí ó tó dé. Nínú ẹjọ́ ti 1989, ìfọwọ́sí kò dé rárá. Bàbá Tòmíwá kò tíì gba ìfọwọ́sí kankan. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́ lónìí, ṣé kì í ṣe ẹjọ́ ti 1989 ni tirẹ̀ sún mọ́ jù?

Èkejì ni pé òfin kò dárúkọ títà àti ìdógò nìkan, ó dárúkọ gbígbé ilẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Fífi ọwọ́ sí díìdì lè má lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí bàbá kó fún un ní 2016 ńkọ́?

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Ìbéèrè gidi ni ẹ béèrè. Lórí èkíní, bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó gbẹgẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹjọ́ ti 1995 kò sọ pé kí a gbàgbé ìfọwọ́sí. Ó fún ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ní àyè láti lọ wá a ni. Ẹni tó bá jókòó sínú àyè náà fún ọdún mẹ́wàá ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹjọ́ ti 1989 kọ lù ú. Ohun tó ń gbà á sílẹ̀ ni ẹjọ́ ti 1996, pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ kò gbọdọ̀ jèrè àìṣe ojúṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Bàbá Tòmíwá má kúrò nílé, ìdí kan náà ni mo sì fi ń sọ fún un nísinsìnyí pé kó gbéra láti lọ gba ìfọwọ́sí náà kó tó di pé ìwé ìpẹ̀jọ́ dé.

Lórí èkejì, àwọn ilé-ẹjọ́ kò tíì fi ẹnu kan sọ̀rọ̀, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dá mi lójú ni pé ẹni tó san owó rẹ̀ pé tó sì wà nínú ilé ní ẹ̀tọ́ tí ilé-ẹjọ́ máa ń dáàbò bò, bí ìwé rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì pé. Bí ẹlòmíràn bá ra ilé náà lọ́wọ́ ọmọ yìí lọ́la, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀, nítorí Bàbá Tòmíwá ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó bá wá wo ilé.

Alàgbà Ọlọ́wọ̀ọ̀gbowó (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí bá tiwa mu. Bàbá wa àgbà ló kọ́ ilé tí a ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìwé kọ́nfíyáǹsì láyé àwọn òyìnbó ni wọ́n fi rà á, kò sí sí-ọf-ó kankan lórí rẹ̀. A fẹ́ pín in láàárín ojúlé mẹ́ta. Àbúrò mi kan ní a kò gbọdọ̀ pín in láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Èmi sì ní níwọ̀n bí kò ti sí sí-ọf-ó, kí ló kan gómìnà? Ta ló jàre nínú wa?

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Alàgbà, ìbéèrè tiyín yàtọ̀ sí ti Bàbá Tòmíwá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dáhùn ibi tí ó ti kan ọ̀rọ̀ tí a wà lórí rẹ̀. Ogún kì í ṣe títà. Nígbà tí bàbá kú, òfin tó ń darí ogún rẹ̀ ló gbé ilé náà fún àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni kò tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó kú. Tí ẹ bá kàn ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan láàárín ara yín, ẹ kò tíì ta ohunkóhun.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín pé níwọ̀n bí kò ti sí sí-ọf-ó, gómìnà kò kàn án, kò rí bẹ́ẹ̀ sà. Ohun tí wọ́n fi àkókò tó pọ̀ jù jà lé lórí nínú ẹjọ́ ti 1989 gan-an nìyẹn. Òfin sọ pé ẹni tó ti ní ilẹ̀ nínú ìlú ṣáájú ọdún 1978, tó sì ti kọ́lé sí i, kí a kà á sí ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan jiyàn pé ẹni tí a kàn kà sí ẹni tí gómìnà fún kò nílò ìfọwọ́sí kankan. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó nílò rẹ̀ bíi ti ẹni tí gómìnà fún ní ìwé lọ́wọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ojúlé kan bá fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ fún ará ìta, àbúrò yín ni yóò jàre.

Alàgbà Ọlọ́wọ̀ọ̀gbowó (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Mo gbọ́. N kò ní sọ fún un pé ó jàre kí ọjọ́ náà tó dé, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ọ̀gbà)

Ẹ kú àpérò. Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ní Àláùsá kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọwọ́ mi dé. Òfin ni lọ́yà ń sọ. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ Bàbá Tòmíwá.

Ẹ lọ mú díìdì yín jáde, kí ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ óò rí i pé lẹ́yìn ibi tí ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á fọwọ́ sí, àwọn lọ́yà máa ń tẹ gbólóhùn kan sílẹ̀ pé gómìnà fọwọ́ sí ohun tó wà nínú ìwé yìí, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ àti orúkọ. Nínú ìwé tó ti pé, àyè náà yóò ní ìfọwọ́sí, òǹtẹ̀ yóò sì wà lára rẹ̀. Ìwé náà yóò tún ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé àti ti ìdìpọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Bí àyè náà bá ṣófo, àdéhùn yín kò tíì pé, ìyẹn kò sì ní yí padà bí èdìdì lọ́yà pupa bá tilẹ̀ tóbi tó àwo. Ẹ má sì máa retí pé gómìnà fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Òfin gbà á láyè láti fa agbára náà lé kọmíṣọ́nnà lọ́wọ́, orúkọ ẹni tó fa agbára lé lọ́wọ́ ni ẹ óò sì rí níbẹ̀.

Ẹ wo iwájú ìwé náà pẹ̀lú, bóyá wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ máa ń fi ọjọ́ sílẹ̀ láìkọ títí ìfọwọ́sí yóò fi dé.

Bàbá Tòmíwá (Súrùlérè)

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wo ìwé náà. Àyè ìfọwọ́sí ṣófo, wọn kò sì kọ ọjọ́ sí iwájú rẹ̀. Mo tún rí ìwé kan tí mo ti gbàgbé: ìwé àṣẹ aṣojú tí bàbá fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan náà, tí ó sọ pé òun yan mí láti ṣe gbogbo ohun tó yẹ lórí ilé náà lórúkọ òun, nítorí owó tí mo ti san, àti pé òun kò ní fà á padà. Ṣé ìwé yẹn wúlò nígbà tí bàbá ti kú? Èló sì ni ìfọwọ́sí náà yóò ná mi?

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Inú mi dùn sí ìwé yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, sà. Àṣẹ aṣojú lásán máa ń kú pẹ̀lú ẹni tó fún ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a fún ènìyàn nítorí owó tó san, tí a sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a kò ní fà á padà, òfin kò jẹ́ kí ikú ẹni tó fún ni pa á. Ẹ ṣọ́ra, kì í ṣe òun ló sọ yín di onílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí ẹ lè fọwọ́ sí àwọn ìwé tó kù ní ipò bàbá, nítorí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún ìfọwọ́sí ń béèrè ọwọ́ ẹni tó tà á àti ti ẹni tó rà á.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ọ̀gbà)

Fọ́ọ̀mù tí lọ́yà ń sọ ni `Form 1C`. Ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á ni yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì búra lé e lórí níwájú májísíréètì tàbí nótárì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dé tí wọ́n sì ń padà sẹ́yìn nìyẹn, nítorí ẹni tó tà á ti kú, tàbí ó ti lọ sí òkè òkun, tàbí ó ń béèrè owó mìíràn kó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á tún béèrè ẹ̀dà ìwé sí-ọf-ó tí ilé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́rìí sí, díìdì mélòó kan, ìwé sọ́fè, àwòrán ilé náà, rìsíìtì owó orí ilẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí owó orí ti ẹ̀yin méjèèjì. Ìwé owó orí ti ẹni tó ti kú ni yóò gba àkókò yín jù. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní ti iye, láti ọdún 2015 ni ìjọba Èkó ti mú àpapọ̀ owó náà wá sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé. Owó ìfọwọ́sí ni ó kó ìdá kan àti ààbọ̀. Ààbọ̀ ìdá kan jẹ́ owó orí lórí èrè, ààbọ̀ ìdá kan jẹ́ owó òǹtẹ̀, ààbọ̀ ìdá kan tó kù jẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀. Àwọn owó kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi ti yíyẹ sọ́fè wò. Ìwé tí wọ́n bá kọ fún yín pé kí ẹ fi san owó ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí éjẹ́ǹtì bá pè.

Ẹ jẹ́ kí a mú un bí ẹni pé wọ́n díye lé ilé yín ní mílíọ̀nù 60 náírà. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 1,800,000 náírà: 900,000 fún ìfọwọ́sí, 300,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó kù. Ẹ kíyè sí i pé iye tí ìjọba bá dá lé ilé ni wọ́n ń lò, kì í ṣe iye tí ẹ kọ sínú díìdì. Bí ẹ bá ra ilé ní mílíọ̀nù 25 ní 2016, tí ẹ sì ti ṣe é nígbà náà pẹ̀lú iye tó súnmọ́ ọn, 750,000 ni ìdá 3 rẹ̀ ìbá jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì ni ìdúró yìí fi kún un, láìka ìtanràn tó lè tẹ̀ lé e.

Ọmọ Fẹ́sítáàkì

Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ fi kún un. Ìwé tèmi wà láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Lọ́yà tí mo kọ́kọ́ lò kó ìwé mi lọ sí Àláùsá, wọ́n sì dá a padà pé ìwé náà kì í ṣe tiwọn. Ṣé ti Bàbá Tòmíwá kò ní rí bẹ́ẹ̀? Mo gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ ní Súrùlérè náà.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ọ̀gbà)

Ó dára tí ẹ rántí rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ní Ìkòyí, ní Fẹ́sítáàkì àti ní àwọn ibòmíràn, mínísítà ni òfin fún ní agbára tí gómìnà ní, ọ̀dọ̀ wọn náà ni ìfọwọ́sí ti ń wá. Ìfọwọ́sí gómìnà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò mú nǹkan dúró. Kì í ṣe orúkọ àdúgbò ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo orí ìwé sí-ọf-ó náà, ẹ ka ẹni tó fọwọ́ sí i. Bàbá Tòmíwá, ta ló fọwọ́ sí tiyín?

Bàbá Tòmíwá (Súrùlérè)

Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ni, sà.

Ìyá Ìbejì (Yábàá)

Ọpẹ́ ni. Mo ti kọ́ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè lójú ẹni tó ń ra nǹkan: bí ìwé àṣẹ aṣojú yẹn kò bá sí ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwa tí a ra ilé kò ní irú rẹ̀.

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Nígbà náà, àwọn tí ilé-ẹjọ́ bá fún ní ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún bàbá náà ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹ kíyè sí èyí, Bàbá Tòmíwá: ọmọ kan tí kò ní ìwé yẹn kò lágbára láti ta ilé náà fún ẹnikẹ́ni, kódà kí á ní ẹ kò rà á rí. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀. Bí àwọn tó ní ìwé náà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ ni ẹ óò lọ, kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n mú àdéhùn bàbá wọn ṣẹ. Bí wọ́n bá tún kọ̀ lẹ́yìn àṣẹ, ilé-ẹjọ́ lè ní kí akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i dípò wọn. Ó ń gba ọdún, ó sì ń jẹ owó. Ẹni tó ń ra ilé lónìí gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí ẹni tó ń tà á lórí `Form 1C`, ìwé ẹ̀rí owó orí rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá gba owó tó kẹ́yìn, kó tó di pé kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, Bàbá Tòmíwá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé ilé náà wò ní Àláùsá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun tí a ń wá ni bóyá orúkọ bàbá ṣì wà lórí rẹ̀, àti bóyá ẹnìkan ti fi ilé náà dógò láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ó bá mọ́, kí ẹ fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ lórí ilé náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún wá yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin (Àkọkà)

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Bí Bàbá Tòmíwá bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ, tí ó san owó, tí gómìnà sì kọ̀ ńkọ́? Òfin kò sọ pé dandan ni kó fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ọ̀gbà)

Mo rí i kí wọ́n dá ìwé padà nítorí sọ́fè tí kò bá tiwọn mu, tàbí nítorí owó orí tí a kò san, tàbí nítorí pé ilé náà bọ́ sí ibi tí ìjọba ti gbà. Àwọn wọ̀nyẹn ṣeé tún ṣe, àyàfi èyí tó kẹ́yìn.

Lọ́yà Àgbà (Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta)

Bí ó bá kọ̀ pátápátá, àdéhùn náà kò ní lè pé mọ́ láéláé, ọ̀rọ̀ owó tí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ sọ ni yóò sì kù. Ẹni tó san owó fún ohun tí kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ padà. Bóyá iye tó san nígbà náà ni tàbí iye tí ilé tó lónìí, mo ti gbọ́ tí àwọn lọ́yà tí mo bọ̀wọ̀ fún jiyàn lé e lórí lọ́nà méjèèjì.

Bàbá Tòmíwá (Súrùlérè)

Mo ti bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, a ti fi ìwé sílẹ̀ ní Àláùsá fún yíyẹ̀wò, ó sì ti kọ̀wé sí ọmọ bàbá náà pé kó fi ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún hàn. Kò tíì fèsì. Tí èsì yíyẹ̀wò bá dé, èmi yóò gbé e wá síbí.